Iye Owó Bíìlì Ìjọba: Ìwọ̀n Ẹ̀dínwó àti Ìwọ̀n Èrè Tòótọ́

Bíìlì ìjọba, tí àwọn ará Èkó ń pè ní tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, kò ní èlé kankan tí a kọ sí i lára. Ohun tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ sí i ni iye owó tí yóò san lọ́jọ́ tí bíìlì bá pé. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ yóò san iye tí ó kéré sí èyí lónìí, yóò dúró de ọjọ́ ìpé, yóò sì gba iye tí a kọ sójú bíìlì ní pípé. Àlàfo tí ó wà láàárín owó tí ó san àti owó tí ó gbà ni gbogbo èrè rẹ̀.

Oṣù Kẹrin ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ ta irú bíìlì yìí ní Nàìjíríà. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ni ó ń bá ìjọba tà á, oríṣi mẹ́ta ni ó sì wà: èyí tí ó máa ń pé ní ọjọ́ 91, èyí tí ó máa ń pé ní ọjọ́ 182, àti èyí tí ó máa ń pé ní ọjọ́ 364. Bí ẹni tí ó ń gbé ní Ẹ́sítéètì Gowon bá fẹ́ rà á, báńkì tirẹ̀ ní Ìpájà tàbí Ẹ̀gbẹ́dá ni yóò gbà kọjá, nítorí pé iye tí ó kéré jù lọ tí Báńkì Àpapọ̀ ń gbà lójú gbàǹjo ju àádọ́ta mílíọ̀nù náírà lọ. Báńkì á kó owó àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀, á sì fi orúkọ ara rẹ̀ gbé e wọlé.

Èèyàn mélòó kan ni ó ti fi èrè tí ó tó ná sílẹ̀ nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ nínú ìròyìn tí wọn kò sì yẹ̀ wò. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́. Ìwọ̀n ẹ̀dínwó ni, ó sì yàtọ̀ sí ìwọ̀n èrè tí owó ẹni ń mú wọlé gan-an.

Ibi tí nọ́ńbà inú ìròyìn ti ń wá

Ọjọ́rú ni gbàǹjo náà sábà máa ń wáyé, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Olúkúlùkù tí ó fẹ́ yá ìjọba lówó yóò sọ iye tí ó ní àti ìwọ̀n ẹ̀dínwó tí ó fẹ́ gbà. Báńkì Àpapọ̀ á tò wọ́n láti orí ẹni tí ó béèrè díẹ̀ jù lọ lọ sókè, á máa mú wọn títí owó tí ìjọba ń wá yóò fi pé. Ìwọ̀n tí ó bá parí sí ni ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde lọ́jọ́ kejì.

Gbàǹjo ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024 dára láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ìwọ̀n náà fò lójijì lọ́jọ́ yẹn. Bíìlì ọjọ́ 364, tí ó wà ní 11.54% tẹ́lẹ̀, gun orí 19%. Ti ọjọ́ 91 jẹ́ 17.24%, ti ọjọ́ 182 sì jẹ́ 18%. Ìwọ̀n ẹ̀dínwó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé, nínú ọdún kan, iye báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ni a óò yọ kúrò lára iye ojú bíìlì.

Gbólóhùn kan ṣoṣo, "kúrò lára iye ojú bíìlì", ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé lórí. Ó dà bí ìgbà tí olówó èlé bá ní òun yá ènìyàn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ní èlé ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún, tí ó sì yọ èlé náà kúrò kí ó tó ka owó sí i lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́rin péré ni onígbèsè mú lọ sílé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni yóò sì dá padà. Èlé tí ó san lórí owó tí ó ná gan-an ju 19% lọ dáadáa. Nínú ọ̀ràn bíìlì, ìjọba ni ó wà ní ipò onígbèsè, olùrà sì ni olówó.

Ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ìlànà méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ń fi iye tí olùrà yóò san hàn, ìkejì ń fi ìwọ̀n èrè tòótọ́ hàn:

```
P = F × (1 − d × t / 365)
y = d / (1 − d × t / 365)
```

F ni iye ojú bíìlì, d ni ìwọ̀n ẹ̀dínwó, t ni iye ọjọ́ tí ó kù kí bíìlì pé. P ni owó tí yóò jáde lápò olùrà, y sì ni ìwọ̀n èrè tòótọ́ fún ọdún kan. Ọjọ́ 365 ni wọ́n ń fi pín in ní Nàìjíríà.

Ká ní obìnrin kan tí ó ń ta ohun èèlò oúnjẹ ní ọjà Gowon fẹ́ ra bíìlì ọjọ́ 364 tí iye ojú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà ní gbàǹjo ọjọ́ náà. Iye ọjọ́ ni a kọ́kọ́ ń yanjú. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2024, ni owó jáde, ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2025 sì ni bíìlì pé. Ọjọ́ 364 gan-an ni ó wà láàárín wọn. Ọjọ́ tí owó jáde ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ gbàǹjo, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí oníbàárà kọ fọ́ọ̀mù ní báńkì.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀dínwó. Ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù kan jẹ́ ₦190,000. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 364, tí a sì fi 365 pín in, ó di ₦189,479.45. Èyí ni wọn yóò yọ kúrò lára mílíọ̀nù kan, ohun tí ó kù tí obìnrin náà yóò san sì jẹ́ ₦810,520.55. Lọ́nà tí àwọn oníṣòwò bíìlì máa ń gbà sọ ọ́, iye owó rẹ̀ jẹ́ ₦81.05 lórí ọgọ́rùn-ún náírà.

Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦189,479.45. Owó tí ó fi wá èrè yìí kì í ṣe mílíọ̀nù kan, nítorí kò fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀. ₦810,520.55 ni. Bí a bá fi èyí pín èrè náà, ó jẹ́ 23.38% fún ọjọ́ 364. Bí a bá nà án dé ọjọ́ 365, ó di 23.44%. Èyí ni ìwọ̀n èrè tòótọ́. Bíìlì kan náà, ọjọ́ kan náà, owó kan náà ni, síbẹ̀ ìwọ̀n kan sọ pé 19, èkejì sọ pé 23.44.

Obìnrin náà lè má fẹ́ mú ₦810,520.55 wá, kó jẹ́ pé odindi mílíọ̀nù kan ni ó ní lọ́wọ́ tí ó fẹ́ fi rà á. Nígbà náà, 0.810520548 ni a óò fi pín mílíọ̀nù kan, kí a sì sọ ìdáhùn náà kalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún tí ó sún mọ́ ọn nísàlẹ̀. Yóò lè ra bíìlì tí iye ojú rẹ̀ jẹ́ ₦1,233,000, owó rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦999,371.84. Ó dára kí ẹni tí ó ń kọ fọ́ọ̀mù mọ èyí tí ó ń kọ, bóyá iye ojú bíìlì ni tàbí owó tí ó ní lọ́wọ́, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti sábà máa ń wọlé.

Ìgbà tí àlàfo náà máa ń fẹ̀

Àlàfo láàárín ìwọ̀n méjèèjì kì í dúró sójú kan. Bí ìwọ̀n ẹ̀dínwó bá kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bíìlì ọjọ́ 364 tí ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ 1% yóò mú 1.01% wọlé, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó pàdánù oorun lórí ìyẹn. Ní ìparí ọdún 2020, tí ìwọ̀n bíìlì ọjọ́ 364 ti wálẹ̀ ju 2% lọ, ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ kò pàdánù ohun kan tí ó ṣe é fi ojú rí. Nígbà tí ìwọ̀n bá ga ni àìmọ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Iye ọjọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ní gbàǹjo ọjọ́ 7 oṣù Kejì kan náà, bíìlì ọjọ́ 91 jẹ́ 17.24%. Ẹ̀dínwó rẹ̀ lórí mílíọ̀nù kan jẹ́ ₦42,981.92, iye owó rẹ̀ jẹ́ ₦957,018.08, ìwọ̀n èrè tòótọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 18.01%. Àlàfo náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọjọ́ 182 ní 18% jẹ́ 19.77%. Ìdí rẹ̀ ni pé, nínú bíìlì ọjọ́ 91, owó tí ó jáde lápò olùrà sún mọ́ iye ojú bíìlì gan-an, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín fífi èyí pín àti fífi ìyẹn pín. Bí owó tí ó jáde bá ṣe ń jìnnà sí iye ojú bíìlì ni ìwọ̀n èrè tòótọ́ ṣe ń jìnnà sí ìwọ̀n ẹ̀dínwó.

Nítorí náà, kò tọ́ láti fi ìwọ̀n ẹ̀dínwó bíìlì ọjọ́ 91 wé ti ọjọ́ 364. Lójú ìròyìn, 17.24 àti 19 kò jìnnà síra, wọ́n fi ìdá 1.76 yàtọ̀. Nínú èrè tòótọ́, 18.01 àti 23.44 ni wọ́n jẹ́. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ra ti ọjọ́ 91 lè tún owó àti èrè rẹ̀ dà sínú bíìlì mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i kí ọjọ́ 364 tó pé. Bí ó bá rí ìwọ̀n 17.24% kan náà ní gbogbo ìgbà, tí kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò, èrè rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi 19.21% fún ọjọ́ 364, ti ẹnì kejì rẹ̀ sì jẹ́ 23.38%. Kí ẹni tí ó mú ti ọjọ́ 91 tó jàre, ìwọ̀n gbàǹjo ní láti gùn gan-an láàárín oṣù mẹ́ta kan sí èkejì.

Èlé tí wọ́n san ṣáájú

Báńkì mìíràn kì í yọ ẹ̀dínwó kúrò kí ó tó gba owó. Odindi mílíọ̀nù kan ni yóò mú nínú àkáǹtì oníbàárà, yóò sì dá ₦189,479.45 padà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òṣìṣẹ́ báńkì a sì máa sọ pé, "Màmá, a ti san èlé yín ṣáájú." Inú oníbàárà á dùn, á rò pé èrè méjì ni òun jẹ: èyí tí ó wọlé lónìí, àti ohun tí òun yóò fi owó náà ṣe láti òní dé ọdún tí ń bọ̀.

Owó tí ó jáde lápò rẹ̀ ní òpin ọjọ́ náà ṣì jẹ́ ₦810,520.55, ohun tí yóò sì padà wọlé lọ́jọ́ ìpé jẹ́ mílíọ̀nù kan. Kò sí ohun kan tí ó yí padà. Ìwọ̀n 23.44% ti ka àǹfààní sísan ṣáájú mọ́ ọn tán, òun gan-an ni ó mú un ju 19% lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi àǹfààní kan náà kún 23.44%, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń ka owó kan. Bí obìnrin náà bá fi ₦189,479.45 ra ọjà kún ilé ìtajà rẹ̀, èrè ọjà ni ìyẹn, kò sì yẹ kí ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ bíìlì.

Fífi bíìlì wé fíksì dìpọ́síìtì

Ibi tí àìmọ̀ ìyàtọ̀ yìí ti ń dun èèyàn jù ni ibi tí wọ́n bá ti gbé bíìlì àti fíksì dìpọ́síìtì sílẹ̀ fún un ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ká ní báńkì kan ń fún oníbàárà ní 21% lórí fíksì dìpọ́síìtì ọjọ́ 364, ní ọ̀sẹ̀ tí bíìlì jẹ́ 19%. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà nìkan yóò mú fíksì. Ṣùgbọ́n lórí owó tí a gbà lóòótọ́ ni fíksì ti ń ṣírò èlé tirẹ̀, ọjọ́ tí ó bá pé ni wọ́n sì ń san án. ₦810,520.55 tí a fi sí fíksì ní 21% yóò mú ₦169,742.99 wọlé ní ọjọ́ 364. Owó kan náà nínú bíìlì yóò mú ₦189,479.45. Ẹni tí ó lé 21% pàdánù ₦19,736.46, ó sì dá a lójú pé òun ni ó jẹ èrè jù. Kí fíksì tó bá bíìlì yẹn dọ́gba, báńkì ní láti san 23.44%.

Owó orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ kúrò lára èlé fíksì. Ní ti bíìlì, àṣẹ ìdásílẹ̀ ọdún mẹ́wàá tí ó gbà á lọ́wọ́ owó orí ti parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rà á gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ báńkì iye tí wọn yóò yọ àti ìgbà tí wọn yóò yọ ọ́. Ìgbà náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lọ́jọ́ ìpé, èrè nìkan ni ó dín. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lọ́jọ́ tí olùrà sanwó, èrè dín, owó tí ó jáde lápò rẹ̀ sì pọ̀ sí i, ìwọ̀n èrè tòótọ́ á sì wálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìṣirò náà kò yí padà: èrè tí ó kù lẹ́yìn owó orí ni a óò fi gbogbo owó tí ó jáde pín, kí a tó nà án dé ọjọ́ 365.

Ìwọ̀n èrè tòótọ́ pàápàá kò sọ ohun tí owó náà yóò rà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìwọ̀n tí ọjà fi gbówó lórí láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà jẹ́ 29.90%, ó ju 23.44% lọ.

Kọ̀ǹpútà àti ọjọ́ 360

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 360 ni wọ́n fi ń pín ẹ̀dínwó bíìlì ìjọba wọn, kì í ṣe 365. Àṣà àtijọ́ àwọn báńkì wọn ni. Èyí kì bá ti kan olùgbé Alímọ̀ṣọ́ rárá bí kì í bá ṣe pé àṣà náà wà nínú àwọn iṣẹ́ tí a ti ṣe sílẹ̀ nínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ `TBILLPRICE` fi ara jọ ohun tí a ń wá gan-an, ọjọ́ 360 ni ó sì ń lò. Bí a bá fi bíìlì òkè yìí sínú rẹ̀, iye owó rẹ̀ yóò jáde bíi ₦807,888.89 dípò ₦810,520.55. Ẹni tí ìṣirò tirẹ̀ bá kéré sí ti báńkì ní nǹkan bíi ₦2,600 lórí mílíọ̀nù kan nínú bíìlì ọdún kan, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá 360 ni ó lò kí ó tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Èyí tí ó bá Nàìjíríà mu ni àwọn méjì wọ̀nyí, níbi tí nọ́ńbà 3 tí ó wà lẹ́yìn ti túmọ̀ sí iye ọjọ́ gan-an lórí 365:

```
=PRICEDISC(DATE(2024,2,8),DATE(2025,2,6),0.19,100,3)
=INTRATE(DATE(2024,2,8),DATE(2025,2,6),81.05205,100,3)
```

Àkọ́kọ́ yóò mú 81.05 jáde, ìkejì yóò mú 0.2344 jáde.

Títa bíìlì kí ó tó pé

Ìwọ̀n 23.44% dúró lórí pé olùrà di bíìlì rẹ̀ mú títí ọjọ́ ìpé. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí owó ilé bá dé láàárín ọdún, báńkì lè rà á padà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀dínwó tí ó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọn yóò lò, lórí iye ọjọ́ tí ó kù.

Ká ní obìnrin ọjà Gowon yẹn tà á lẹ́yìn ọjọ́ 182, nígbà tí ọjọ́ 182 ṣì kù. Bí báńkì bá rà á ní ẹ̀dínwó 20%, yóò gba ₦900,273.97. Èrè rẹ̀ lórí ₦810,520.55 jẹ́ ₦89,753.42, èyí tí ó jẹ́ 22.21% bí a bá nà án dé ọdún kan. Ó dín díẹ̀ sí ohun tí ó rò. Bí ìwọ̀n ọjà bá ti gun 25% lọ́jọ́ náà ńkọ́? ₦875,342.47 ni yóò gbà, èrè rẹ̀ fún ọdún kan á sì wálẹ̀ sí 16.04%. Ìwọ̀n tí ó gùn, tí ó dùn mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, ni ó ń dín owó ẹni tí ó fẹ́ tà kù.

Ẹni tí ó bá ń ra irú bíìlì tí a tún tà bẹ́ẹ̀ dípò kí ó dúró de gbàǹjo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òṣìṣẹ́ báńkì kan lè sọ ìwọ̀n ẹ̀dínwó, kí èkejì sì sọ ìwọ̀n èrè tòótọ́, láìsọ èyí tí ó jẹ́. FMDQ, ilé iṣẹ́ tí ó ń kó iye owó irú àwọn bíìlì bẹ́ẹ̀ jọ lójoojúmọ́, máa ń kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níwájú báńkì, ìbéèrè mẹ́ta ni ó tó: èló ni yóò jáde nínú àkáǹtì, èló ni yóò wọlé, ọjọ́ wo ni yóò wọlé? Pẹ̀lú ìdáhùn wọn, ìwọ̀n èrè tòótọ́ ṣe é ṣírò lórí fóònù ọwọ́, ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ náà ì báà pe nọ́ńbà tirẹ̀. Bí báńkì bá sì ti fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ pamọ́ sínú ìwọ̀n náà, ibẹ̀ ni yóò ti hàn. Bíìlì ọjọ́ 364 tí gbàǹjo parí sí 19%, tí wọ́n wá fún oníbàárà ní 18.5%, yóò gbówó lórí ju ₦810,520.55 lọ ní ₦4,986 lórí mílíọ̀nù kan.